Lẹ́tà tí mo kọ sí Ọ̀gá wa kí dòméènì àti ìwé-ẹ̀rí ààbò tó kú, àti bí iṣẹ́ náà ṣe lọ

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé girama mìíràn bíi tèmi ló ní kí n fún òun ní lẹ́tà tí mo kọ sí Ọ̀gá wa, kí òun wò ó kọ tòun. Mo rò ó pé lẹ́tà nìkan kò ní tó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó kọ ọ́, àti wàhálà tó tẹ̀ lé e, ló jẹ́ kó ní ìtumọ̀. Nítorí náà mo da ìwé iṣẹ́ mi kọ síbí. Mo yọ orúkọ ilé ìwé àti ti àwọn èèyàn, mo sì fi `ileiwe.example` dípò àdírẹ́sì wa gan-an, èyí tó parí sí `.sch.ng` bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Nàìjíríà.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kìíní 2026

Akápò ránṣẹ́ pè mí ní àárọ̀, ó ní pọ́tà tí àwọn òbí fi ń wo owó ilé ìwé kò ṣí lórí ẹ̀rọ òun. Nígbà tí mo débẹ̀, àmì ìkìlọ̀ pupa ló wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` sábẹ́ rẹ̀. Àyà mi já. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ojú wa rí lọ́dún tó kọjá.

Kí n tó sáré lọ sídìí sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé pọ́tà náà, mo fa fóònù mi yọ, mo ṣí pọ́tà kan náà, ó ṣí wẹ́rẹ́. Mo wá wo igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà akápò, níbi tí aago máa ń wà. Ọdún 2019 ló wà níbẹ̀! Bátìrì kékeré inú rẹ̀, èyí tó rí roboto bíi kọ́bọ̀, ti kú nígbà ìsinmi Kérésì tí wọ́n yọ wáyà iná, aago sì ti padà sẹ́yìn. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2019 la wà, ìwé-ẹ̀rí ààbò pọ́tà wa, tí wọ́n ṣe ní 2025, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tún aago ṣe, mo pààrọ̀ bátìrì, ọ̀rọ̀ parí. Bí ìkìlọ̀ yìí bá yọ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, aago ẹ̀rọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá yọ lórí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gba ìdí sáfà lọ.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ̀ mí lára. Mo padà sí yàrá mi, mo bi sáfà léèrè ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí wa yóò kú gan-an:

```
echo | openssl s_client -connect pota.ileiwe.example:443 \
  -servername pota.ileiwe.example 2>/dev/null \
  | openssl x509 -noout -enddate

notAfter=Feb 20 23:59:59 2026 GMT
```

Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógójì. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú GMT, nítorí náà, ó máa kú ní nǹkan bí aago kan òru, mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí kò ní sí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwé. Mo tún fi whois, àṣẹ tó ń wo ìwé àkọsílẹ̀ dòméènì, wo ọjọ́ ti dòméènì wa:

```
whois ileiwe.example | grep -i expir

Registry Expiry Date: 2026-03-09T10:14:52Z
```

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta nìyẹn. Ìdánwò àbáwọlé ti JSS1 jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kan náà, orí pọ́tà sì ni àwọn òbí ti máa tẹ káàdì ìdánwò ọmọ wọn jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí alágbàta tó ta dòméènì fún wa kò fi kìlọ̀. Ó kìlọ̀! Ímeèlì méjì ló wà nínú àkáǹtì wa lọ́dọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, ímeèlì ara rẹ̀ ni, ó sì ti kúrò níbí láti 2023. Èkejì ni `admin@ileiwe.example`, àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Mo ṣí i, mo bá ìkìlọ̀ tó ti wọlé láti ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, ó dùbúlẹ̀ sáàárín ìpolówó. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé orí dòméènì yẹn gan-an ni ímeèlì náà dúró lé. Bí dòméènì bá kú, ìkìlọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà kò ní ríbi wọlé. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sínú ilé tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni wá.

Mo tún rí nǹkan kẹta lójú ìwé whois yẹn, tí inú mi kò dùn sí rárá. Níbi tí orúkọ ẹni tó ni dòméènì máa wà, orúkọ ilé ìwé kọ́ ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó bá wa kọ́ ìkànnì nígbà náà ni.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kìíní. Lẹ́tà náà nìyí

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwé,
nípasẹ̀ Igbákejì Ọ̀gá tó ń bójú tó ìṣàkóso.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, Mà,

ÌTỌRỌ ÀṢẸ LÁTI SAN OWÓ DÒMÉÈNÌ ÀTI LÁTI PÀÀRỌ̀ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ ÀÀBÒ KÍ ỌJỌ́ WỌN TÓ PÉ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúra sáà tuntun. Mo ń fi lẹ́tà yìí tọrọ àṣẹ yín, Mà, láti san ₦19,350 fún dòméènì ilé ìwé wa fún ọdún méjì kí ó tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, àti láti pààrọ̀ ìwé-ẹ̀rí ààbò orí pọ́tà kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù kejì. Mo tún nílò ìbuwọ́lù yín sórí lẹ́tà kan sí alágbàta wa. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Dòméènì ni orúkọ tí àwọn òbí máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kò rà á, Mà. A háyà rẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń háyà ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ NiRA ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orúkọ tó parí sí `.ng`, àwọn alágbàta tí wọ́n fọwọ́ sí la sì ń sanwó fún. Ìwé-ẹ̀rí ààbò yàtọ̀ sí i. Òun ni búráúsà máa ń yẹ̀ wò kó tó gbà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ yẹn lóòótọ́ ni òun dé, òun ló sì ń jẹ́ kí páswọ́ọ̀dù òbí kọjá lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa kú yàtọ̀, ohun tó sì máa tẹ̀ lé ikú wọn yàtọ̀.

Bí ìwé-ẹ̀rí bá kú, pọ́tà ò ní kú, ṣùgbọ́n búráúsà máa dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ ó rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta ìpàdé òbí ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, Mà. Ìwé-ẹ̀rí ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá kan dìde nínú gbọ̀ngàn, ó ní àwọn ọmọ yahoo ti gba ìkànnì wa. Ọjọ́ márùn-ún ni owó fi rìn láti tábìlì dé tábìlì ká tó ra òmíràn, àwa tí a wà ní ọ́fíìsì sì ń sọ fún àwọn òbí lórí fóònù pé kí wọ́n tẹ ibi tí wọ́n kọ `Advanced` sí kí wọ́n sì kọjá. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. A kọ́ òbí bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti fò kọjá ìkìlọ̀ tó yẹ kó dá wọn dúró. Lọ́jọ́ tí oníjìbìtì bá gbé ayédèrú pọ́tà wa síta, wọ́n máa fò kọjá ìkìlọ̀ tirẹ̀ náà.

Bí dòméènì bá kú, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mà. Ìkànnì, pọ́tà àti ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ papọ̀, a ò sì ní lè gba ìwé-ẹ̀rí kankan, nítorí orí orúkọ ni wọ́n ń fi ìwé-ẹ̀rí lé. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ ju àsìkò tí wọ́n fi ń dúró de olówó rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbà á. Ẹni náà kò ní nílò láti jí ìwé-ẹ̀rí wa, torí pé ohun kan ṣoṣo tí àwọn tó ń ṣe irú ìwé-ẹ̀rí tí à ń lò máa bi í ni bóyá ìkáwọ́ rẹ̀ ni orúkọ náà wà. Wọ́n á fún un ní tirẹ̀, àwọn òbí kò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan. Àpótí ímeèlì wa náà á di tirẹ̀. Gbogbo ibi tí a ti fi ímeèlì yẹn forúkọ sílẹ̀, títí kan ti ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ilé ìwé lórí pọ́tà, ó lè tẹ ibi tí wọ́n kọ pé “mo gbàgbé páswọ́ọ̀dù”, kí lẹ́tà ìyípadà sì wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín pé dòméènì ni ká kọ́kọ́ san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí ló máa kọ́kọ́ kú.

Ní ti owó: ọdún méjì dòméènì jẹ́ ₦18,000, owó orí ọjà ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ₦1,350, àpapọ̀ rẹ̀ ₦19,350. Mo so ínfóísì mọ́ lẹ́tà yìí. Ní ti ìwé-ẹ̀rí, irú èyí tí a rà lọ́dún tó kọjá ti di ₦45,150 fún ọdún kan. Mo dábàá pé kí a má rà á mọ́. Kì í ṣe nítorí owó nìkan, Mà. Àjọ CA/Browser Forum, níbi tí àwọn tó ń ṣe ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ń ṣe búráúsà ti ń pàdé, ti fẹnu kò ní oṣù kẹrin 2025 pé ọjọ́ orí ìwé-ẹ̀rí máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ó lè lo ọjọ́ 398. Èyí tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún yìí kò ní lè kọjá ọjọ́ 200. Láti ọjọ́ kan náà ní 2027, ọjọ́ 100. Ní 2029, ọjọ́ 47 péré. Bí pípààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bá gba ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ wa, a ò lè máa fi ìwé owó àti ìbuwọ́lù èèyàn méjì ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún. Ìwé-ẹ̀rí tí Let's Encrypt ń ṣe kò gba owó, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń lò, sáfà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń lọ gba òmíràn kí èyí tó wà nílẹ̀ tó kú. Mo fẹ́ gbé e wọlé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, nígbà tí pọ́tà kò ní èrò, kí ó lè ku ogúnjọ́ sí ọjọ́ ikú ti àtijọ́. Bí iṣẹ́ náà bá kọ̀, àyè ṣì wà láti ra ti olówó.

Ohun tó kù ni orúkọ tó wà lórí dòméènì náà. Orúkọ ẹni tó kọ́ ìkànnì fún wa ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ilé ìwé. Kò sí ìjà láàárín wa, ó sì ti gbà láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n alágbàta ní òun fẹ́ rí lẹ́tà tí ọ̀gá ilé ìwé buwọ́ lù. Mo ti tẹ lẹ́tà náà, ó wà lẹ́yìn ínfóísì.

Ẹ ṣeun, Mà.

Èmi ni òṣìṣẹ́ yín ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kìíní

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ bá akọ̀wé Ọ̀gá. Ó wá a títí, ó sì rí i nínú fáìlì ìwé-ẹ̀rí WAEC tí àwọn tó ti jáde kò tíì wá gbà. Ó rí “ìwé-ẹ̀rí” nínú àkọlé, ó fi í sí ibi tí ìwé-ẹ̀rí ń gbé. N kò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ kọ “pọ́tà owó ilé ìwé” sínú àkọlé, yóò dé tábìlì Ọ̀gá lọ́jọ́ kan náà.

Ní aago méjì ọ̀sán, Ọ̀gá pè mí. Wọ́n ti kà á, wọ́n sì ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ibi mẹ́ta.

“Bí a bá san án lónìí, tí ó ṣì ku oṣù kan àti ààbọ̀, ṣé a ò ti sọ oṣù yẹn nù?”

Mo ní rárá o, Mà. Orí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń ro ó mọ́. Ìgbàkígbà tí a bá san án kí ọjọ́ tó pé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2028 ló máa bọ́ sí.

“Ó dáa. Kí ló wá dé tí o kò ní ká san ọdún márùn-ún kó tán?”

Èmi náà ti rò ó. Mo ní ohun tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ kò yẹ kí a rì owó ọdún márùn-ún sí. Kí orúkọ kọ́kọ́ di tiwa ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ kan nìyẹn, wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́.

Ìbéèrè kẹta ló pẹ́ jù. “Ọ̀fẹ́ tí o kọ síbí yìí, ta ló ń sanwó rẹ̀? Mo máa ń bẹ̀rù ohun ọ̀fẹ́.” Mo ṣàlàyé pé àjọ tí kì í wá èrè ló ń ṣe é, Internet Security Research Group ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń fi owó tì wọ́n lẹ́yìn, àti pé láti 2015 ni wọ́n ti ń fún gbogbo ayé. Ìwé-ẹ̀rí olówó tí à ń rà tẹ́lẹ̀, bóyá ìkáwọ́ wa ni orúkọ wà nìkan ni òun náà ń yẹ̀ wò. Kò sí orúkọ ilé ìwé nínú rẹ̀. Ohun tí owó yẹn ń rà fún wa ni pé a lè pe ẹnì kan lórí fóònù bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀gá ní, “Ta la wá máa pè báyìí?” Mo ní, “Èmi ni, Mà.” Wọ́n wò mí, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù kìíní

Lẹ́tà padà wá. Wọ́n kọ ọ́ sí igun rẹ̀ pé kí akápò san owó dòméènì, kí n ṣe ti ìwé-ẹ̀rí ní ọjọ́ tí mo dá, kí n sì fi páswọ́ọ̀dù àkáǹtì alágbàta sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ó wà nínú àpótí irin ọ́fíìsì wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò sí nínú ohun tí mo bèèrè, ó sì dára ju ohun tí mo bèèrè lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kìíní

Akápò san owó lánàá. Rìsíìtì alágbàta wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n rìsíìtì kì í ṣe ẹ̀rí pé orúkọ ti di tuntun. Bí mo ṣe tún whois ṣe lálẹ́ àná, 2026 ṣì ni. Láàárọ̀ yìí, ó ti di `2028-03-09`. Mo tẹ ojú ìwé náà jáde, mo so ó mọ́ rìsíìtì nínú fáìlì akápò. Mo sì yí ímeèlì ìkìlọ̀ padà: ti Gmail tí ilé ìwé ṣí lọ́tọ̀, tí kò dúró lórí dòméènì wa, àti ti akápò. Èèyàn méjì ló máa rí ìkìlọ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù kìíní

Mo dé ní aago mẹ́jọ, iná sì wà. Mo fi Certbot, ètò tó ń bá wa gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ Let's Encrypt, sórí sáfà, mo sì kọ́kọ́ dán an wò láìgba ìwé-ẹ̀rí gidi. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o, nítorí Let's Encrypt kì í gbà kí ìyẹ̀wò orúkọ kan kùnà ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ ní wákàtí kan, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa jókòó dúró.

```
sudo certbot certonly --webroot --dry-run \
  -w /var/www/ikanni -d ileiwe.example \
  -w /var/www/pota -d pota.ileiwe.example
```

Ó kùnà. Ohun tó sọ ni `Timeout during connect (likely firewall problem)`. Ìyẹ̀wò yìí rọrùn láti lóye: Let's Encrypt máa ní kí sáfà wa gbé fáìlì kékeré kan kalẹ̀, á wá gba ẹnu ọ̀nà 80 wọlé láti ìta wá wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Bó bá rí i, ó gbà pé ìkáwọ́ wa ni orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà 80 tiwa ti wà ní títì. Ta ló tì í? Èmi náà ni. Lẹ́yìn ìtìjú oṣù kejì ọdún tó kọjá, mo ń ti gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá bà ní orúkọ ààbò, mo sì gbàgbé. Mo ṣí i:

```
sudo ufw allow 80/tcp
```

Kò séwu níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé ni nginx, ètò tó ń fi ìkànnì wa han ará ìta, ń darí sí ẹnu ọ̀nà 443 tó ní ààbò, àfi fáìlì ìyẹ̀wò yẹn. Mo tún ìdánwò ṣe, ó yege fún orúkọ méjèèjì. Mo yọ `--dry-run` kúrò, mo fi èyí kún un lẹ́yìn:

```
--deploy-hook "systemctl reload nginx"
```

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá àárọ̀ lù ni ìwé-ẹ̀rí gidi wọlé. Mo ṣí àtòjọ nginx, mo yí ọ̀nà fáìlì padà láti ti olówó sí `/etc/letsencrypt/live/ileiwe.example/`, mo fi pamọ́, mo sì pọn tíì. Nígbà tí mo padà wá bi sáfà léèrè pẹ̀lú àṣẹ openssl ọjọ́ kejìlá, ó ṣì ń dá mi lóhùn pé Feb 20. Ní ọwọ́ kejì, `certbot certificates` ń sọ pé ìwé-ẹ̀rí tuntun wà, ó sì ku ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Mo fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò ó kí n tó rántí. Certbot ń wo ohun tó wà lórí díìsìkì. Openssl ń wo ohun tí nginx ń fi han ará ìta. Nginx ti ka ìwé-ẹ̀rí àtijọ́ sórí láti ìgbà tó ti dìde, kò sì ní ka òmíràn àyàfi bí a bá ní kó tún un kà. Reload tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ àṣẹ yẹn ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n tó yí ọ̀nà fáìlì padà ló ṣẹlẹ̀. Mo ṣe é fúnra mi:

```
sudo nginx -t && sudo systemctl reload nginx
```

Lọ́tẹ̀ yìí, `notAfter=May  1` ló jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ló ti pa ọ̀pọ̀ sáfà tí olówó rẹ̀ gbà pé òun ti fi í sí aládàáṣiṣẹ́: ìwé-ẹ̀rí tuntun á ti wà nínú fóldà fún oṣù kan, àtijọ́ ni àwọn èèyàn á máa rí títí tó fi máa kú lójú wọn. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìdánwò `--dry-run` kì í sábà ṣe reload yẹn, nítorí náà yíyege rẹ̀ kò fi hàn pé apá yìí dáa. Ìta ni kí ẹ ti máa bi í léèrè, lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó lọ, mo wò ó bóyá aago Certbot ń rìn. `systemctl list-timers` fi í hàn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń jí wò ó. Tó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Let's Encrypt kò tún ń fi ímeèlì ìkìlọ̀ ránṣẹ́ mọ́ láti oṣù kẹfà 2025, nítorí náà mo fi àyẹ̀wò tèmi sórí kọ̀ǹpútà yàrá wa, kì í ṣe sórí sáfà náà:

```
echo | openssl s_client -connect pota.ileiwe.example:443 \
  -servername pota.ileiwe.example 2>/dev/null \
  | openssl x509 -noout -checkend 1209600
```

Iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì ni nọ́ńbà ìparí yẹn. Láràárọ̀ ló ń ṣe é. Bó bá dáhùn pé `Certificate will expire`, á jẹ́ pé Certbot ti kùnà fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti wá ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kejì

Alágbàta dá wa lóhùn lórí orúkọ oní-dòméènì. Lẹ́tà tí Ọ̀gá buwọ́ lù kò tó o, wọ́n tún fẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ímeèlì tirẹ̀ gbà sí i, kí a sì fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ Ọ̀gá kún un. Oníṣẹ́ ìkànnì ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Ọ̀gá ní kí n wá gba káàdì wọn ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ó wà nínú báàgì kejì nílé.

Mo ti kọ 1/4 sára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo sì fi bírò pupa yí i po.